Ẹ Ka Ọjọ́ Kí Ẹ Tó Pín Lífù Sí Méjì

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ pín lífù ọdún rẹ̀ sí méjì, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń rò. Àwọn ọmọ yóò gba họ́lidé ní Oṣù Kẹjọ, ìgbéyàwó àbúrò sì ń bọ̀ nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Kò burú. Ṣùgbọ́n kó tó gbé bírò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí: báwo ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ka ọjọ́ lífù?

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà, láti Ajé títí dé Ẹtì. Àwọn mìíràn ń ka gbogbo ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà, àti Àbámẹ́ta àti Àìkú. Ìwé tí wọ́n fi gbani síṣẹ́, tàbí ìwé ìlànà òṣìṣẹ́, ló máa ń sọ èyí tí wọ́n ń lò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, pípín kò bù sí i, kò sì bù kúrò níbẹ̀. Ìṣirò kàlẹ́ńdà ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn. Ọjọ́ 30 lórí kàlẹ́ńdà ni lífù rẹ̀. Bó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 Oṣù Kẹjọ ọdún 2026, yóò parí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 8 tí kì bá má lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ lífù rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22 péré ló sì sinmi. Bó bá pín in sí dọ́gba, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 15, tó sì bẹ̀rẹ̀ ìdá kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ajé, 22 náà ló máa bọ́ sí.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá pín in sí dọ́gba. Ó gba ọjọ́ 18 láti ọjọ́ 3 Oṣù Kẹjọ, ó parí ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20: ọjọ́ iṣẹ́ 14 nìyẹn. Ó gba ọjọ́ 12 tó kù láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 Oṣù Kọkànlá, ó parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20: ọjọ́ iṣẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24. Ọjọ́ méjì wọlé fún un, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí Àbámẹ́ta àti Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ẹtì yẹn kò sí nínú lífù mọ́. Àṣírí rẹ̀ kò ju pé kí ìdá kan bẹ̀rẹ̀ ní Ajé kó sì parí ní Ẹtì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lífù ní ọjọ́ Ẹtì ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi ọjọ́ méjì ṣòfò kó tó di ẹrù.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé lífù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe agídí. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti ń di owó tàbí ìwé owó mú, wọ́n fẹ́ kó kúrò nídìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ń yí ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó lè máa bo ìdí rẹ̀; bó bá kúrò, ẹni tó gba ipò rẹ̀ yóò rí i pé owó kan kò bá ìwé mu. Ìdí ìlera náà wà níbẹ̀. Àdéhùn kejìléláàádóje tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe lọ́dún 1970 gbà kí wọ́n pín lífù, àmọ́ ó ní kí ìdá kan tó ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ méjì láìjá, àyàfi bí àdéhùn mìíràn bá wà láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Ní Brasil, òfin tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017 gbà á láyè títí dé ìdá mẹ́ta, bí òṣìṣẹ́ bá fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ 14, ìyókù kò sì gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ 5. Nítorí náà, ẹni tó bá béèrè ọjọ́ 18 àti ọjọ́ 12 ti dá ọ̀gá lóhùn kó tó sọ̀rọ̀: ọjọ́ 12 láti Ajé dé Ẹtì, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ méjì gbáko ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà ni pé wọ́n á kọ̀wé béèrè ìdá àkọ́kọ́ nìkan, wọ́n á ní tó bá dìgbà yẹn àwọn yóò béèrè èkejì. Nígbà tó bá dìgbà yẹn, ẹlòmíràn ti gba àyè, tàbí iṣẹ́ òpin ọdún ti dé. Lẹ́tà kan náà ni kó gbé méjèèjì. Ohun tó yẹ kó sọ kò gùn: “Mo ń tọrọ àyè láti gba lífù ọdún 2026 mi ní ìgbà méjì: ọjọ́ 18, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 20 Oṣù Kẹjọ, n óò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 21, àti ọjọ́ 12, láti ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 20 Oṣù Kọkànlá, n óò padà ní ọjọ́ 23. Ẹni tí a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà ti gbà láti di ipò mi mú nígbà méjèèjì.” Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí lífù parí àti ọjọ́ tí wọ́n padà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ 20 síbi tí wọ́n ti bi í léèrè ọjọ́ tó ń padà, ó ti fi ọjọ́ kan tọrẹ.

Kó tún béèrè nípa owó lífù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń san gbogbo rẹ̀ nígbà ìdá àkọ́kọ́, àwọn kan á pín in bí wọ́n ṣe pín lífù. Kí obìnrin tó fẹ́ fi owó náà ra aṣọ ìgbéyàwó ní Oṣù Kọkànlá mọ èyí tó jẹ́ kó tó wá di pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́.

Ìdá kejì ló máa ń jóná bí ọdún bá parí, nítorí ilé iṣẹ́ púpọ̀ kì í gbé e wọ ọdún tuntun, tàbí wọ́n á fi gbèdéke sí i. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 18, fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pípé. Àwọn méjèèjì lè jọ gbà láti sún un síwájú, ṣùgbọ́n àkókò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún un kò gbọdọ̀ ju oṣù 24 lọ. Òfin náà kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ fi owó rọ́pò ọjọ́ wọ̀nyí nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí kò kan àwọn tó wà nípò alákòóso tàbí iṣẹ́ àmọ̀dájú. Ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ ni tiwọn. Bí ọ̀gá bá wá ní kí wọ́n sún ìdá Oṣù Kọkànlá síwájú, kí òṣìṣẹ́ gba ọjọ́ tuntun náà ní kíkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí àmì ọwọ́ ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.