Kíkọ Ìwé Dókítà ní Ṣókí fún Àwọn Tí Ó Ń Tọ́jú Àgbàlagbà Nílé

Ìfáárà

Ìwé tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni èyí tí dókítà máa ń kọ lé aláìsàn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀ láti ilé-ìwòsàn. Ìwé ìdásílẹ̀ ni a ó máa pè é. Ní Mọ́dákẹ́kẹ́, tí ilé-ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì nínú agbo ilé. Orúkọ àgbàlagbà ni ó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tàbí ọmọ-ọmọ ni yóò tẹ̀ lé ohun tí ó wí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ nínú ẹbí ni wọ́n sì máa ń bẹ̀ pé kí ó sọ ọ́ fún wọn ní ṣókí.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé gígé ìwé náà kúrú kò tó. Dókítà ni ó kọ ọ́ sí dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ti kọjá ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀: ohun tí ó gbé aláìsàn dé, ohun tí àyẹ̀wò fi hàn, ìtọ́jú tí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó kan ilé máa ń kù sí ìlà díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí a bá gé gbogbo rẹ̀ kúrú bákan náà, ìlà díẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Ohun tí ìdílé sì fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọn yóò ṣe, ohun tí wọn yóò ṣíwọ́, ohun tí wọn yóò máa ṣọ́, àti ọjọ́ tí wọn yóò padà. Nítorí náà, a ní láti yí ètò ìwé náà padà.

Ìwé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ìwé yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó; a hun ún fún ẹ̀kọ́ ni. Ìyá ẹni ọdún 78 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ní apá ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 178/104 nígbà tí ó wọlé; ó jẹ́ 142/86 nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 9. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ni a ti rí i pé yóò máa lo amílódípíìnì 10 mg o.d., ásípíríìnì 75 mg o.d., àti atofasitátíìnì 20 mg nocte. Pé kí ó ṣíwọ́ dáíkílófẹ́náàkì. Àti pé kí ó padà wá ní 2/52.

Àwọn àmì inú ìwé

Láti inú èdè Látíìnì ni púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyí ti wá. Ìtumọ̀ o.d. ni lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, b.d. jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, t.d.s. jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nocte jẹ́ ní alẹ́. Ti 2/52 ni ó ń rú ènìyàn lójú jù, nítorí ó jọ ìdá nínú ìṣirò. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí a ń kà: 7 dúró fún ọjọ́, nítorí ọjọ́ 7 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀, 52 dúró fún ọ̀sẹ̀, 12 sì dúró fún oṣù, nítorí iye wọn nínú ọdún nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni 3/7, ọ̀sẹ̀ méjì ni 2/52, oṣù kan ni 1/12.

Kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ ní “ọ̀sẹ̀ méjì” lásán, nítorí ẹnì kan lè máa kà á láti ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ gan-an ni kí a kọ. Bí wọ́n bá dá ìyá náà sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni yóò padà.

Oògùn tuntun àti oògùn tí ó wà nílé

Ibi tí ewu wà jù nìyí. Kí ìyá yìí tó wọ ilé-ìwòsàn ni ó ti ń lo amílódípíìnì 5 mg. Ìwé ìdásílẹ̀ wí pé 10 mg, ṣùgbọ́n kò wí pé ó rọ́pò 5 mg. Nígbà tí wọ́n bá délé, páálí àtijọ́ wà lórí tábìlì, tuntun sì wà nínú báàgì. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ lè fún un ní méjèèjì, kí ó di 15 mg, bẹ́ẹ̀ 10 mg ni òpin ohun tí wọ́n máa ń fún àgbà lójúmọ́. Ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wú, òyì lè kọ́ ọ bí ó bá dìde, ó sì lè ṣubú.

Nítorí náà, kí a tó kọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé jọ síbì kan, kí a fi wọ́n wé ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí ó wà lára páálí ni kí a dà kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí a bá kọ “oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru” nìkan, páálí méjèèjì ni orúkọ náà bá mu.

Ti dáíkílófẹ́náàkì fẹ́ àlàyé. Bí a bá kọ “ẹ má lò ó mọ́” lásán, ìrora orúnkún lóru yóò borí ọ̀rọ̀ náà. Kí a fi ìdí rẹ̀ kún un: ó lè mú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè, bí ó bá sì pàdé ásípíríìnì, ikùn lè máa ṣẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀jẹ̀ ríru”

Ohun tí ó bá rú, a máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí orúkọ àrùn yìí mú wá sí ọkàn olùgbọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àrùn náà lè wà kí ara má fura rárá. Bí ìyá bá wí pé ara òun ti balẹ̀, ìdílé lè rò pé ẹ̀jẹ̀ kò ru mọ́, kí wọ́n dá oògùn dúró. Oògùn ni ó mú 178 dé 142. Gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ èyí ní tààrà.

Ohun tí a kọ fún ìdílé

“Ẹ fún Màmá ní amílódípíìnì 10 mg ẹyọ kan àti ásípíríìnì 75 mg ẹyọ kan ní àràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ní alalẹ́, ẹ fún wọn ní atofasitátíìnì 20 mg ẹyọ kan. Ẹ kó amílódípíìnì 5 mg àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Tuntun ti rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní dáíkílófẹ́náàkì mọ́, nítorí ó lè mú ikùn wọn ṣẹ̀jẹ̀. Bí orúnkún bá ń dùn wọ́n, ẹ bèèrè oògùn mìíràn lọ́wọ́ dókítà. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara tù wọ́n. Ẹ gbé wọn jókòó dáadáa kí wọ́n tó jẹun. Bí ẹnu wọn bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn bá ń lọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá tún rọ, tàbí tí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà ni wọn yóò padà; ẹ mú ìwé dókítà àti gbogbo oògùn dání.”

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé ìdásílẹ̀ kò sọ pé òwúrọ̀ ni kí wọ́n lo ásípíríìnì, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó tàbí àmì ewu. Ẹni tí ó kọ ṣókí kò gbọ́dọ̀ fi òye ara rẹ̀ dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni kí ó bi kí ó tó kọ. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí ẹni tí yóò fún Màmá ní oògùn sọ ọ́ padà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Bí onítọ̀hún bá mú páálí 5 mg mọ́ 10 mg, gbólóhùn wa ni kò yéni, òun ni a ó sì tún kọ.

Kí wọ́n má ju ìwé dókítà nù. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó fa àrùn Màmá. Ìdí tí wọ́n fi fún wọn ní ásípíríìnì nìyẹn. Aládùúgbò tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ tirẹ̀ lè bá oògùn kan náà pàdé ewu. Ìlà kan nínú ìwé náà ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tí yóò sì tún tọ́jú Màmá lọ́la yóò fẹ́ kà á.