Wákàtí Mélòó Ni A Rí Tà Lóṣù Yìí?

Nínú iṣẹ́ kọnsọ́tàǹtì, wákàtí ni ọjà. Agbẹjọ́rò, onímọ̀ owó-orí, ayàwòrán ilé, gbogbo ẹni tí à ń sanwó fún nítorí ohun tó mọ̀, wákàtí ló ń tà. Ẹni tó ń ta gàárì lè gbé èyí tó ṣẹ́ kù padà sílé, kó tún tà á lọ́la. Ṣùgbọ́n wákàtí ọjọ́ Ajé tí ẹnikẹ́ni kò rà ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi máa ń béèrè ní ìparí oṣù pé: nínú wákàtí tí òṣìṣẹ́ yìí ní láti fi ṣiṣẹ́, mélòó ló lò sórí iṣẹ́ tí oníbàárà yóò sanwó rẹ̀? Wọ́n á wá fi wákàtí tó wà nílẹ̀ pín wákàtí olówó, wọ́n á sì sọ èsì rẹ̀ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìṣirò náà kò le. Iye wákàtí tí a ní ó wà nílẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ká mú kọnsọ́tàǹtì owó-orí kan ní Èkó, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ iṣẹ́ 23 ló wà nínú oṣù náà. Ọjọ́ Òmìnira bọ́ sí Ọjọ́rú, ó ku 22. Ká ní arábìnrin yìí gba ìsinmi ọjọ́ méjì, ó ku 20. Bó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, wákàtí 160 ló wà nílẹ̀. Ó lo 120 lórí iṣẹ́ oníbàárà. Ogójì tó kù bá ìpàdé, ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti kíkọ ìwé láti fi wá iṣẹ́ tuntun lọ.

120 ÷ 160 × 100 = 75

Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá yọ ìsinmi rẹ̀ kúrò, 176 ni yóò fi pín in, yóò sì di bíi 68. Bí kò bá yọ Ọjọ́ Òmìnira náà, ó di 184, èsì á sì já sí 65. Obìnrin kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Tí wọ́n bá ti ní kó máa dé ìdá 70, ọ̀nà ìṣirò nìkan ló sọ ọ́ di ẹni tó yege tàbí ẹni tó kùnà. Lójú tèmi, kò tọ́ kí ìsinmi tí òfin fún èèyàn máa bu iyì rẹ̀ kù, nítorí náà 160 ni mo fara mọ́.

Kí ni èsì yìí wúlò fún? Ká ní ilé-iṣẹ́ ń ná ₦1,800,000 lórí arábìnrin yìí lóṣù, tí a bá ro owó oṣù rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ọ́fíìsì àti iná, tí wọ́n sì ń gba ₦25,000 lórí wákàtí rẹ̀ kan. Wákàtí 72 ni yóò kọ́kọ́ dá owó yẹn padà. Ìdá 45 nínú 160 ni 72 jẹ́. Bí ó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè ni.

Bí a bá rí 100 lóṣooṣù, kí a má ṣe tètè yọ̀. Ẹni tí gbogbo wákàtí rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà kò ráyè kọ́ ohun tuntun, kò sì ráyè wá iṣẹ́ tí yóò ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òru àti òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ́lé tó kù. Ọ̀gá àgbà pàápàá kò yẹ kó ní iye gíga bí ọmọṣẹ́, torí òun ni ń wá oníbàárà.

Àkọsílẹ̀ wákàtí tún lè purọ́. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù kó tó kọ tirẹ̀, ìrántí ló ń kọ. Bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 8 géérégé, tí kò sí ìpàdé kankan níbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Àwọn kan a máa fa iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di márùn-ún kí iye wọn lè ga. Àwọn mìíràn a máa fi wákàtí pamọ́ nítorí pé iṣẹ́ náà ti kọjá owó tí wọ́n gbà lé e. Bákan náà, bí ọ̀gá bá fagi lé wákàtí 14 nínú 120 yẹn kó tó fi ìwé owó ránṣẹ́ sí oníbàárà, 75 ṣì lè wà lórí ìwé, àmọ́ owó wákàtí 106 péré ni yóò wọlé. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa wo iye owó tó wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Oṣù kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dájọ́. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó ń parí ọdún ìṣirò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ní títí di ìparí oṣù Kẹfà láti fi ìwé owó-orí rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kọnsọ́tàǹtì owó-orí á kún àkúnya ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, á sì rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Oṣù mẹ́ta papọ̀ dára jù, kí a ro gbogbo wákàtí olówó pọ̀, kí a fi gbogbo wákàtí tó wà nílẹ̀ pín in.

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìdá kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: wákàtí wo ni ẹ ó fi pín in, ṣé ẹ ó yọ ìsinmi mi kúrò? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.