Nígbà Tí Iye Owó Àná Bá Ṣi Atọ́ka Lọ́nà

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, dọ́là 499.23 ni ṣíà kan ní ilé-iṣẹ́ Apple wà nígbà tí ọjà Nasdaq ti Amẹ́ríkà parí. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó parí ní dọ́là 129.04. Ẹni tó bá rí òǹkà méjèèjì yìí láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn á ké gbàjarè pé ilé-iṣẹ́ náà ti dojú dé, nítorí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣíà náà ló dà bí ẹni pé ó fò lọ lóru ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni Apple jèrè lọ́jọ́ Ajé yẹn ni. Owó wọn fi ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé Apple pín ṣíà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin lọ. Ẹni tó sùn pẹ̀lú ṣíà mẹ́wàá jí pẹ̀lú ogójì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fún oníṣòwò ní ẹgbẹ̀rún náírà olówó kan, tó sì gba igba náírà márùn-ún padà: bébà pọ̀ sí i, owó kò yí padà. Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe é ni pé kí ṣíà wọn má baà wọ́n kọjá agbára ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan tàbí méjì.

Èèyàn tó bá gbọ́ ìròyìn yìí yóò lóye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n atọ́ka orí kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ìròyìn. Òǹkà tí a bá kó fún un nìkan ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tó rọrùn jù nínú wọn, ìpíndọ́gba ọlọ́jọ́ márùn-ún, tó ń ro iye tí ṣíà fi parí ọjà fún ọjọ́ márùn-ún pọ̀, tó sì ń fi márùn-ún pín in. Bí iye tòní bá ga ju ìpíndọ́gba náà lọ, ọ̀pọ̀ oníṣòwò á kà á sí àmì pé ọjà ń gòkè. Bó bá relẹ̀ jù ú lọ, wọ́n á fura pé ọjà ń sọ̀ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ 25 sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ yẹn, Apple parí ní dọ́là 499.30, 506.09, 500.04 àti 499.23. Bí a bá fi 129.04 ti ọjọ́ Ajé kún un láìtún ohunkóhun ṣe, ìpíndọ́gba náà á jẹ́ 426.74. Ṣíà tó wà ní 129 lábẹ́ ìpíndọ́gba 426! Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá kọ́ láti tà nígbà tí iye bá já sábẹ́ ìpíndọ́gba yóò ta gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fi mẹ́rin pín iye ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n á di 124.83, 126.52, 125.01 àti 124.81, ìpíndọ́gba á sì di 126.04. Lẹ́yìn èyí, 129.04 wà lókè ìpíndọ́gba. Àmì kan náà tó ń sọ pé kí a tà ti yí padà pátápátá, òótọ́ ni ó sì ń sọ báyìí.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà kò sì mọ sórí iye ìparí ọjà nìkan. Iye tí ọjà fi ṣí, èyí tó ga jù àti èyí tó relẹ̀ jù lóòjọ́, gbogbo wọn ni a óò fi mẹ́rin pín láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ lọ sẹ́yìn dé ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀. Iye ṣíà tó yí ọwọ́ padà lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, mẹ́rin ni a sì ń fi sọ òun di púpọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nǹkan bí ṣíà mílíọ̀nù 47 ló yí ọwọ́ padà. Ní ọjọ́ Ajé, ó lé ní mílíọ̀nù 225. Ẹni tí kò bá ṣe àtúnṣe á rò pé èrò ya bo ọjà ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Bí a bá sọ mílíọ̀nù 47 di nǹkan bí 188, a ó rí i pé ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ó fi pọ̀ sí i.

Bí pípín náà bá ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ńṣe ni wọ́n ń gorí ara wọn. Apple ti pín ṣíà rẹ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 1987, 2000 àti 2005, ó pín in sí méje ní 2014, kó tó wá pín in sí mẹ́rin ní 2020. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì, lọ́nà méje, lọ́nà mẹ́rin: 224 ni. Ìdí nìyẹn tí dọ́là 22 tí Apple fi ta ṣíà rẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù Kejìlá ọdún 1980 fi ń hàn lórí ṣáàtì òde òní bí nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́wàá.

Nígbà mìíràn, òdìkejì ni ilé-iṣẹ́ ń ṣe: ó ń so ṣíà púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Báńkì Citigroup so mẹ́wàá pọ̀ di ọ̀kan ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Iye rẹ̀ kúrò ní dọ́là 4.52, ó di 44.16. Ta ni kò ní yọ̀? Ṣùgbọ́n mẹ́wàá lọ́nà 4.52 jẹ́ 45.20, ìyẹn ni pé báńkì náà pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Ní Nàìjíríà, bónọ́ọ̀sì ni àwọn onílé-iṣẹ́ fi ń ṣe ohun tó jọ pípín. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún ènìyàn ní ṣíà kan lórí mẹ́rin tó ti ní, mẹ́rin ti di márùn-ún nìyẹn. Nítorí náà, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, 0.8, ni a óò fi sọ iye àtijọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá fi mẹ́rin pín in, tó rò pé bíi ti Apple ni, á ba ṣáàtì rẹ̀ jẹ́.

Èrè tí ilé-iṣẹ́ ń san lórí ṣíà, tí àwọn oníṣíà ń pè ní dífídẹ́ńdì, ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ sí i. Owó tó jáde nínú àpò ilé-iṣẹ́ kò sí nínú àpò náà mọ́. Bí ọjọ́ bá dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ṣíà kò ní bá wọn pín nínú èrè tó ń bọ̀, iye ṣíà náà máa ń já wálẹ̀ ní ìwọ̀n tó sún mọ́ èrè náà. Ẹni tó ti ni í kò pàdánù, nítorí owó náà ń bọ̀ wá bá a.

Bí èrè bá jẹ́ sẹ́ǹtì díẹ̀, ojú lè má rí i. Ti Microsoft ní 2004 kì í ṣe kékeré. Ilé-iṣẹ́ náà pinnu láti san dọ́là 3 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, owó tó tó bílíọ̀nù 32 dọ́là lápapọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ tí ẹni tó bá rà á kò ní pín nínú rẹ̀ mọ́, èrè oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tó jẹ́ sẹ́ǹtì 8 sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ṣíà náà ti parí ní 29.97 ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé, ó parí ní 27.39. Lójú atọ́ka, ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún ti bọ́ sọnù. Iye tí a óò fi sọ gbogbo òǹkà àtijọ́ di púpọ̀ nìyí, nígbà tí D jẹ́ èrè, tí P sì jẹ́ iye ìparí ọjà ọjọ́ tó ṣáájú:

```
f = 1 - (D / P)
f = 1 - (3.08 / 29.97) = 0.8972
```

Bí a bá fi 0.8972 sọ 29.97 di púpọ̀, a ó rí 26.89. Láti ibẹ̀ dé 27.39, sẹ́ǹtì 50 ni ṣíà náà fi gòkè.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn yọ dọ́là 3.08 kúrò nínú gbogbo iye àtijọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn Microsoft fúnra rẹ̀. Dọ́là 21 ni wọ́n kọ́kọ́ ta ṣíà rẹ̀ ní 1986, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo pípín tó ti ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 7 ni ìyẹn jẹ́ lórí ṣáàtì. Yọ 3.08 kúrò nínú sẹ́ǹtì 7, iye náà á lọ sábẹ́ òdo, kò sì sí ṣíà tí wọ́n ń tà ní iye bẹ́ẹ̀. Sísọ di púpọ̀ ń jẹ́ kí ìdá tí ṣíà fi gòkè tàbí fi sọ̀ kalẹ̀ lóòjọ́ wà bó ṣe wà, òun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn atọ́ka ń kà.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń kó sí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú pípín, Apple yọ èrè sẹ́ǹtì 82 lórí ṣíà tó wà ní dọ́là 455.61. Ìyẹn kò tó ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ti fi mẹ́rin pín iye àtijọ́, 455.61 ti di 113.90, sẹ́ǹtì 82 náà sì gbọ́dọ̀ di sẹ́ǹtì 20 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá fi sẹ́ǹtì 82 lé orí 113.90 ti sọ èrè náà di ìlọ́po mẹ́rin, àṣìṣe yìí kò sì ní pariwo bíi ti pípín. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tẹ ìtàn ṣíà náà sílẹ̀, títí èrè tó dà bí ẹni pé ó ti mú wá láti ọdún pípẹ́ á fi ga ju òótọ́ lọ.

Lórí Yahoo Finance, òpó tí wọ́n kọ `Close` sí ti gba àtúnṣe pípín nìkan. Òpó `Adj Close` ló gba ti pípín àti ti èrè. Iye tó ga jù àti èyí tó relẹ̀ jù lóòjọ́ kò sì gba ti èrè. Ẹni tó bá wá mú `Adj Close` pọ̀ mọ́ wọn nínú atọ́ka tó ń wọn bí iye ṣe ń fò sókè sódò ti da omi pọ̀ mọ́ epo. Ọ̀nà wà láti dá a mọ̀: ẹ wá ọjọ́ tí iye ìparí ọjà bá relẹ̀ ju iye tó relẹ̀ jù lọ́jọ́ náà lọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè sí nínú ọjà. Bí ẹ bá rí i, òpó méjì tí kò bára mu ló wà nínú ìṣirò yín.

Àtúnṣe pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní gbogbo ìgbà tí èrè tuntun bá jáde, gbogbo iye àtijọ́ tún yí padà díẹ̀, nítorí náà òǹkà tí ẹnìkan kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò ní bá ti ọdún yìí mu. Bákan náà, ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà wá ṣíà tí kò tó dọ́là márùn-ún ní 1995 yóò bá Apple níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rà á ní irú iye yẹn lọ́dún náà. Iye tí ènìyàn san gan-an nígbà tó ra ṣíà rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tí a kò tún ṣe nìkan, ibẹ̀ sì ni a ti ń wò ó bí ọ̀rọ̀ owó orí bá dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń tọ́jú òǹkà ọjà fúnra yín, ẹ má ṣe kọ iye tí a tún ṣe lé orí iye àkọ́kọ́. Ẹ pa iye àkọ́kọ́ mọ́ bó ṣe jáde lọ́jà, kí ẹ kọ ọjọ́ pípín àti ọjọ́ èrè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mìíràn pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ẹ sì tún àtúnṣe náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ lo atọ́ka.