Lẹ́tà tí ọ̀gá lè fọwọ́ sí: bí a ṣe ń bèèrè owó ìdánwò PMP lọ́wọ́ iléeṣẹ́

Òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kó bá òun sanwó ẹ̀kọ́ sábà máa ń sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe fún òun fúnra rẹ̀: ìmọ̀ òun á pọ̀ sí i, ipò òun á ga. Ọ̀gá á kà á tán, á ní "a ó wò ó," ìwé á sì wọ inú àpótí tábìlì. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà burú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ tí lẹ́tà náà kò dáhùn: bí owó yìí bá jáde lápò iléeṣẹ́, ọ̀nà wo ló máa gbà wọlé padà, nígbà wo sì ni?

PMP ni ìwé ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí iṣẹ́ ń lé. Ẹgbẹ́ PMI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ló ń fún èèyàn. Ẹni tó ní lísáǹsì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36, kó sì ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35, kó tó lè jókòó dáhùn ìbéèrè 180. A lè ṣe ìdánwò náà ní èdè Faransé. Dọ́là ni PMI fi ń ka owó rẹ̀, iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san sì kéré sí ti ẹlòmíràn, nítorí náà ọjọ́ tí a bá ń kọ lẹ́tà ni ká wo iye tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní òṣìṣẹ́bìnrin kan wà ní iléeṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó sì ń gbé táǹkì omi kalẹ̀ ní àwọn abúlé agbègbè Kétu àti Ṣábẹ. Òun ló ń bójú tó iṣẹ́ mẹ́rin lọ́dún. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ méjì pẹ́ kọjá ọjọ́ àdéhùn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 42. Àwa la ṣètò àwọn iye owó ìsàlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ á fi ti iléeṣẹ́ tirẹ̀ rọ́pò.

Kó tó fọwọ́ kan bíírò, ó gbọ́dọ̀ pín ọjọ́ 42 náà sí ohun tó fà á. Òjò gba ọjọ́ 12. Oníṣẹ́ tó pẹ́ kó tó sanwó gba ọjọ́ 10. Ọjọ́ 20 tó kù, àwa òṣìṣẹ́ la fi ṣòfò, ni yóò sọ: wọn kò pe àwọn tó ń jó irin kí wọ́n wá ṣe òpó tí táǹkì ń jókòó lé, àfi ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga tán. Òótọ́ ni pé a kò lè ra ẹ̀rọ tó ń fa omi kí a tó mọ bí omi kànga ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n òpó irin kò ní láti dúró de ìyẹn. Ìwé ẹ̀rí kan kò lè dá òjò dúró, kò sì lè mú oníṣẹ́ sanwó. Ọjọ́ 20 yìí nìkan ló yẹ kí lẹ́tà náà sọ̀rọ̀ lé.

Faransé ni wọ́n máa fi kọ lẹ́tà náà ní iléeṣẹ́ púpọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń bẹ yín pé kí iléeṣẹ́ wa san owó ẹ̀kọ́ àti ìdánwò PMP fún mi.

"Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ 20 ṣòfò lórí iṣẹ́ méjì nítorí pé a pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ òpó táǹkì. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ná wa ní 35,000 sẹfà fún ọdẹ, jẹnẹrétọ̀ àti owó òòjọ́, pẹ̀lú 28,000 owó ìtanràn tó wà nínú àdéhùn. Ìyẹn jẹ́ 63,000 lójúmọ́. Ẹ lè rí i nínú ìwé ìṣirò wa.

"Ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni láti to iṣẹ́ sórí ìwé, kí a mọ èyí tó lè lọ pẹ̀lú òmíràn, àti èyí tó jẹ́ pé bó bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ á pẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo máa ṣe irú ìwé ètò bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé ẹ̀rọ jáde.

"Ohun tí yóò ná wa: ẹ̀kọ́, 350,000; ìdánwò àti owó ẹgbẹ́, 300,000; ìwé, 30,000; ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tí mi ò ní sí níbi iṣẹ́, 60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 740,000 sẹfà.

"Mi ò ṣèlérí pé ọjọ́ 20 náà á tán. Bí a bá dín in kù sí ìdajì, 630,000 ni a ó máa rí pa mọ́ lọ́dún. Láàárín ọdún méjì, ó jẹ́ 1,260,000. Bí a bá yọ owó tí a ná, 520,000 ló kù. Kí owó yín tó padà, ọjọ́ 12 péré ni mo ní láti gbà là nínú ọdún méjì.

"Bí mo bá fìdí rẹmi, èmi ni máa san owó àtúnṣe ìdánwò. Bí mo bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, màá dá apá tó ṣẹ́kù padà."

Ẹ kíyè sí i pé ó ka ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún mọ́ ìnáwó. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ìyẹn, ọ̀gá kì í sì gbàgbé. Ẹ kíyè sí ìdajì náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní gbogbo ọjọ́ tó ṣòfò ni òun máa gbà là ti fún ọ̀gá ní ohun tó máa já. Ọjọ́ 12 yẹn ló lágbára jù nínú lẹ́tà náà, nítorí ọ̀gá lè bi ara rẹ̀ léèrè láìsí bíírò pé: ṣé ọmọ yìí lè gba ọjọ́ 12 là nínú ọdún méjì?

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìdánwò náà kì í ṣe àṣà lásán. Láàárín ọdún kan tí PMI bá ti gbà á wọlé, ẹni náà lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, owó sì wà lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó dára kí ọ̀gá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Àdéhùn ọdún méjì náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, kí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ iye tí ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kejìdínlógún yóò dá padà.

Ìbéèrè kan kù tí ọ̀gá tó gbọ́n á béèrè: "Ṣé o kò lè gba ẹ̀kọ́ náà láìṣe ìdánwò?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ni láti to iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí kọ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ síta fi ń pe àwọn kọngílá. Bí òṣìṣẹ́ náà bá rí èyí tó béèrè pé kí olórí iṣẹ́ ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kó so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Bí kò bá rí ọ̀kan ṣoṣo, kó yọ 300,000 náà kúrò, kó bèèrè owó ẹ̀kọ́, ìwé àti ọjọ́ márùn-ún rẹ̀ nìkan. Ìyẹn á jẹ́ 440,000, ọjọ́ méje tí wọ́n bá gbà là sì ti san án padà.