Táńkì Ńlá Kọ́ Ló Ń Fún Omi Lágbára

Balùwẹ̀ méjì ló wà ní ilé ìyá mi ní Ìbàdàn: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ìyá mi ń sùn. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti pa èyí tó wà lókè tì. Bí ó bá ṣí ṣáwà, omi kò ju kí ó máa rọra ṣe wínníwínní lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná nísàlẹ̀, ti òkè a dáwọ́ dúró pátápátá. Nítorí náà, láràárọ̀ ni obìnrin ẹni ọdún 68, tí orúnkún ń dùn, máa ń fi ọwọ́ kan gbé garawa omi, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí omi ti dà sí, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló fi gbá ògiri. Ọjọ́ náà ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi pinnu pé ọ̀rọ̀ omi yìí gbọ́dọ̀ lójútùú.

Púlọ́ńbà tí a pè wo táńkì tó wà lórí pèpéle irin lẹ́yìnkùlé, ó ní lítà 1000 ti kéré jù fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ra ti lítà 2000. Wọ́n gbé e gorí pèpéle kan náà, wọ́n sì so ó mọ́ páìpù kan náà. Omi òkè kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Owó lọ, garawa kò lọ.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ omi kí ó tó fẹ̀yìntì, ló wá là wá lóye. Ó wo táńkì tuntun náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, táńkì ńlá á jẹ́ kí omi yín pẹ́ kí ó tó tán. Kò lè jẹ́ kí ó lágbára. Ẹ bá mi wá téèpù."

Gíga ni orísun agbára

Ohun tí ó fẹ́ wọ̀n kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni omi inú táńkì ṣe ga tó ju ẹnu ṣáwà lọ? Ibi tí agbára omi táńkì ti ń wá nìyẹn. Kò kan bí táńkì ṣe fẹ̀ tó, kò sì kan iye lítà tó ń gbà. Bí omi bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, agbára rẹ̀ á tó nǹkan bíi báà 1, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sára àwọn ẹ̀rọ ilé. Mítà kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá báà nìyẹn. Bí garawa kan bá wà lórí òrùlé, tí àgbá ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí omi inú méjèèjì bá dọ́gba ní gíga, agbára kan náà ni wọn yóò fi ti omi jáde nísàlẹ̀.

A wọ̀n ọ́n. Láti ilẹ̀ dé ìdí táńkì jẹ́ mítà 6. Ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi mítà 3.3 ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ẹnu ṣáwà sì fi mítà 2 ga ju ilẹ̀ òkè náà lọ. Ìyẹn ni pé mítà 5.3 ni ẹnu ṣáwà wà. Bí a bá yọ 5.3 kúrò nínú 6, ohun tó kù kò ju 0.7 lọ. Bí táńkì bá ti ń gbẹ lọ, gíga tó ń ti omi jáde kò tó mítà kan.

Bí táńkì bá kún, omi inú rẹ̀ á fi bíi mítà 1.2 kún un, gbogbo rẹ̀ á sì di mítà 1.9. Ìgbà yẹn ló yé ìyá mi ìdí tí ṣáwà fi máa ń gbìyànjú díẹ̀ láàárọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi tán, tí ó sì máa ń kú bí ó bá di alẹ́. Nítorí èyí, láti ìdí táńkì ni kí ẹ ti máa wọ̀n, kì í ṣe láti orí rẹ̀. Mítà kan ni ṣáwà lásán fi lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Mítà 2 sí 3 ló máa ń tẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá bá kọ báà 0.5, mítà 5 ló ń béèrè yẹn.

Ohun tí páìpù ń gbà lójú ọ̀nà

Ṣùgbọ́n gíga nìkan kọ́ ló fa àìsàn ilé wa. Bí ó bá jẹ́ gíga nìkan ni, kí ló dé tí ṣíṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná fi ń pa ṣáwà òkè? Ìdáhùn wà nínú páìpù. Bí omi ti ń sáré lọ nínú páìpù, ó ń fara gbo ara rẹ̀, gíga tí a rà lọ́wọ́ pèpéle ni ó sì fi ń san owó ọ̀nà náà. Bí páìpù bá ti tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni owó ọ̀nà náà ṣe ń wọ́n tó.

Láti ìdí táńkì dé balùwẹ̀ òkè, páìpù wa gùn tó mítà 20, ààbọ̀ ínṣì sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun náà ló ń bọ́ ilé ìdáná. Bàbá Kékeré ṣe ìṣirò fún wa. Ká sọ pé omi lítà 18 ń gba inú páìpù kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó tó ṣáwà kan àti ẹ̀rọ omi kan. Nínú páìpù ààbọ̀ ínṣì tó gùn ní mítà 20, gíga tí yóò ṣòfò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Nínú páìpù tíríkọ́tà, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, kò ju bíi mítà 1 lọ. Nínú páìpù ínṣì kan, bíi 0.3 péré ni. Omi kan náà, ọ̀nà kan náà. Fífẹ̀ ihò ló yàtọ̀.

Ẹ wá fi èyí wé 0.7 tí a ní. Bí ilé ìdáná bá ti gba nǹkan bíi lítà 8 láàárín ìṣẹ́jú kan, páìpù ti jẹ gbogbo gíga tí ṣáwà ní tán. Ẹ̀rọ ilé ìdáná kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ó rẹlẹ̀ gan-an, ó sì ní bíi mítà 5 lẹ́yìn. Olówó àti aláìní jọ ń ná owó nínú àpò kan náà ni. Aláìní ni ọjà máa ń parí mọ́ lọ́wọ́.

Élíbò náà ń gba tirẹ̀. Gbogbo ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́ńdọ́ rí bí ìgbà tí a fi ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún gígùn rẹ̀. Mọ́kànlá ni a kà sára tiwa, nítorí pé ẹni tó so ó yí gbogbo fèrèsé ká.

Bí a ṣe tún un ṣe

A kọ́kọ́ fi garawa lítà 10 dán ṣáwà náà wò, nígbà tí omi inú táńkì kù díẹ̀. Bí ẹ̀rọ mìíràn kò bá ṣí, ó gba ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ kí garawa tó kún. Bí ilé ìdáná bá ṣí, kò kún rárá.

Páìpù ni a kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé òun ló rọrùn jù. A fa ínṣì kan láti ìdí táńkì dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Láti ibẹ̀, tíríkọ́tà ló wọ balùwẹ̀ òkè, tíríkọ́tà mìíràn sì lọ sí ìsàlẹ̀. Ààbọ̀ ínṣì kò sí níbì kankan àyàfi mítà kan tó gbẹ̀yìn, tó wọnú ṣáwà tàbí ẹ̀rọ omi gan-an. Élíbò di márùn-ún. Nígbà tí a tún dán an wò, garawa kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà: bí a tilẹ̀ ṣí ilé ìdáná, ṣáwà kò kú mọ́. Àìsàn àjọpín ti lọ. Àìlera tó kù, ti gíga ni.

Pèpéle ló wá kàn. Wẹ́dà kan ní kí a jẹ́ kí òun jó mítà 2 mọ́ orí ẹsẹ̀ ti àtijọ́. Bàbá Kékeré kọ̀ jálẹ̀. Omi lítà 2000 jẹ́ kílò 2000, tọ́ọ̀nù méjì gbáko, láìka táńkì fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì ti ń ga sí i ni atẹ́gùn ń rí i tì sí i. Ẹnjinníà tó mọ̀ nípa ilé ló ya pèpéle tuntun fún wa: ẹsẹ̀ tó nípọn, ìpìlẹ̀ kọnkéré tuntun, irin ìdábùú tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara wọn, àti orí tó tẹ́jú tó gba gbogbo ìdí táńkì, kí ìdí ike náà má baà tẹ̀ láàárín irin kan sí èkejì.

Nísinsìnyí, ìdí táńkì wà ní mítà 8. Bí ó tilẹ̀ ń gbẹ lọ, 2.7 ló kù fún ṣáwà. Garawa náà ń kún ní bí ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ ó ṣe wo tiyín

Kí ẹ tó náwó, ẹ dúró títí omi inú táńkì yóò fi kù díẹ̀, kí ẹ wá pa gbogbo ẹ̀rọ omi, kí ẹ sì ṣí ṣáwà òkè nìkan. Bí ó bá lágbára, tí ó sì ń kú bí ẹ bá ṣí òmíràn, páìpù ló tín-ín-rín tàbí tó dí. Páìpù irin àtijọ́ máa ń dípẹtà láti inú. Bí òun nìkan bá ṣí, tí kò sì lágbára síbẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń tú yàà, ẹ kọ́kọ́ fura sí gíga, kí ẹ sì mú téèpù. Ẹ má gbàgbé láti tú orí ṣáwà wò, nítorí iyanrìn kànga a máa dí ihò rẹ̀.

Fún ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pèpéle mítà 6 ti tó dáadáa. Páìpù ni kí ẹ wò níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe láti gbé táńkì sókè, ẹ̀rọ kékeré tí ń ti omi lè ran òkè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná ni yóò máa jẹ, lọ́jọ́ tí kò bá sì sí iná, garawa ti padà dé nìyẹn.

Táńkì lítà 2000 náà kò ṣòfò pátápátá, nítorí omi wa ń pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ wá téèpù ni, à bá ti fi owó rẹ̀ san lára owó pèpéle. Ìyá mi ti kó garawa sísàlẹ̀. Ó ní òdòdó lòun fẹ́ fi gbìn.