Láti Orí Sílàìdì sí Inú Àṣamọ̀

Sílàìdì tí onímọ̀ fi sọ̀rọ̀ ní àpérò kì í dá dúró. Ẹnu onímọ̀ náà ni ó ń gbè é. Àṣamọ̀ kò ní ẹnu tí yóò gbè é. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ àpérò bá ní kí àṣamọ̀ ní ìpín mẹ́rin, èyíinì ni Ìdí Ìwádìí, Ọgbọ́n Ìwádìí, Àbájáde àti Ìkádìí, kí ó má sì ju ọ̀rọ̀ 100 lọ, ẹni tí ó bá ń da ohun tí ó wà lórí sílàìdì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ná ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí ó tó dé Àbájáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwádìí tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1948 lórí oògùn sitirẹpitomaisiini fún ikọ́ ife. Bí olùkọ́ kan bá fi sílàìdì 12 ṣàlàyé rẹ̀, ìtàn àrùn náà lè gba mẹ́rin, kí àbájáde sì wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Orí ẹyọ kan yìí ni ó yẹ kí alákọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ohun tí ó wà níbẹ̀ ni: “Ikú dín kù: 27% sí 7%.” Lórí ìwé, èyí lè ṣini lọ́nà, bí ẹni pé àwọn aláìsàn kan náà ni a kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n, ìbò ni a sì fi pín wọn. Àbájáde tí ó pé nìyí:

“Láàárín oṣù mẹ́fà, 4 kú nínú 55 tí ó gba oògùn pẹ̀lú ìsinmi lórí ibùsùn, 14 kú nínú 52 tí ó gba ìsinmi nìkan.”

Ọ̀rọ̀ 24 ni. Ònkàwé lè fúnra rẹ̀ ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún láti inú iye ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè rí iye ènìyàn láti inú ìdá nìkan.

Ìkádìí kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà yẹn. “Oògùn yìí ń wo ikọ́ ife” ti pọ̀ jù, nítorí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ rí i pé, lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, kòkòrò àrùn náà di èyí tí oògùn kò lè pa mọ́.

Àlàfo ni ẹ̀rọ fi ń ka ọ̀rọ̀. Èyí lè mú kí ènìyàn so “nítorí pé” pọ̀ di “nítorípé” kí iye ọ̀rọ̀ lè dín kù. Àkọtọ́ 1974 ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò yẹ kí a tìtorí òǹkà ba àkọtọ́ jẹ́. Gbólóhùn tí kò gbé nǹkan kan ni kí a gé: “Ó hàn gbangba nínú ìwádìí yìí pé” jẹ́ ọ̀rọ̀ méje, kò sì sọ ohunkóhun.

Ní ìparí, kí a fi ìka tọ ohun kọ̀ọ̀kan tí Ìkádìí sọ padà sí òǹkà kan nínú Àbájáde, kí a sì tọ òǹkà náà padà sí sílàìdì rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ibi tí ó ti wá, ẹnu ni ó ti wá. Kí a yọ ọ́.