Àmì Tó Bọ́ Lára Nọ́ńbà, Tó Gbé Oko Kòkó Dé Ìbàfò

Bí wọ́n bá kó ojúàmì àwọn oko kòkó Côte d'Ivoire sórí máàpù kọ̀ǹpútà, díẹ̀ nínú wọn lè yọ nítòsí Ìbàfò àti Mòwé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Oko kankan kò kúrò níbi tó wà. Àmì ìyọkúrò tó yẹ kó ṣáájú nọ́ńbà ló bọ́.

Ìlú Abengourou, tó wà láàárín oko kòkó, wà ní nǹkan bíi 6.73 lórí ìlà ìbú àti -3.49 lórí ìlà òró. Àmì yẹn ló ń fi hàn pé ìwọ̀ oòrùn Greenwich ni ìlú náà wà. Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ojúàmì náà á fò lọ sí ìlà oòrùn, nǹkan bíi 770 kìlómítà, á sì balẹ̀ lẹ́bàá Ìbàfò, tí tirẹ̀ jẹ́ 6.74 àti 3.42. Oko tó wà ní ààlà Ghana, ní bíi 6.8 àti -3.2, á bọ́ sí sàkáání Ìfọ̀.

Fọ́tò wà lára ohun tó ń fà á. Fóònù máa ń kọ nọ́ńbà ìlà òró sínú fọ́tò láìní àmì, á wá kọ lẹ́tà W sí àyè ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ `GPSLongitudeRef`. Ètò tó bá ka nọ́ńbà nìkan ti ṣi ìwọ̀ oòrùn gbé. Nínú ìwé àwọn tó ń sọ Faransé, O ni wọ́n ń kọ dípò W, ẹni tó bá sì pa lẹ́tà rẹ́ ti pa àmì rẹ́ nìyẹn.

Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 lórí pípa igbó run béèrè ibi tí oko kòkó kọ̀ọ̀kan wà. Nítorí náà, ojúàmì tó ṣìnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tó ń ta kòkó.

Ti Côte d'Ivoire rọrùn láti tún ṣe, torí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ló wà ní ìwọ̀ oòrùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà àtijọ́ pamọ́, lẹ́yìn náà:

```sql
UPDATE oko SET lon = -lon
WHERE orilede = 'CI' AND lon > 0;
```

Nítorí `lon > 0`, bí wọ́n bá tún àṣẹ náà pa, kò ní ba èyí tó ti dára jẹ́.

Ghana ló le, torí ìlà òdo gba inú rẹ̀ kọjá. Accra wà ní -0.2, Ho wà ní 0.47. Bí wọ́n bá fi àmì ìyọkúrò sí ti Ho, inú Ghana náà ló ṣì máa bọ́ sí, àyẹ̀wò orílẹ̀-èdè kò sì ní rí àṣìṣe kankan. Orúkọ àgbègbè tí wọ́n kọ mọ́ oko náà ni kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá ní orúkọ àgbègbè, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án, àfi kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó wọn oko náà.